Sìtíárìn tó ń gbọ̀n kìkì tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lórí eré: ṣé dísìkì ni àbí ẹsẹ̀ ọkọ̀?

Oníbàárà mi kan, ìyá tó ń ta léèsì ní Balógun, ra dísìkì iwájú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù márùn-ún. Kòròlà 2006 ni wọ́n ń wà. Láràárọ̀, tí wọ́n bá gun Tọ́ọ̀dù Méńlándì láti Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí lọ sí Adéníjì, jẹ́jẹ́ lọkọ̀ náà máa ń lọ. Àfi tí ẹni tó wà níwájú bá ṣàdédé tan iná bíréèkì, táwọn náà tẹ tiwọn, sìtíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ wọn bí ọwọ́ ẹni tí ibà mú. Tí eré bá fi máa dé 40, á ti dákẹ́, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní ọgbà mi ní Gbàgadà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún ní kí n lọ ra dísìkì o."

Mi ò ní kí wọ́n ra á. Ọkọ̀ wọn ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìtọ́sọ́nà yìí, torí gbogbo àṣìṣe tí mo ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí ló pé sára rẹ̀.

Mẹkáníìkì kan á ní dísìkì ni, òmíràn á ní bọ́ọ̀ṣì kọntíróòlù áàmù ni, ìyẹn rọ́bà ìdí apá irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà àwọn méjèèjì ló jàre, àmọ́ ẹnì kankan nínú wọn ò rí i tán. Dísìkì ni kọ̀ǹgọ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni awọ ìlù. Dísìkì tí ò dọ́gba ló ń lù. Bọ́ọ̀ṣì tàbí jọ́íńtì ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹ ló ń jẹ́ kí lílù kékeré di jìgìjìgì lọ́wọ́ ẹni tó ń wakọ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ kọ̀ǹgọ́ nìkan, ìlù á dákẹ́ títí kọ̀ǹgọ́ mìíràn á fi dé. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ awọ nìkan, ohùn á lọ sílẹ̀, àmọ́ lílù ò tíì dáwọ́ dúró.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an

Táyà Kòròlà yìí, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, á rin bíi mítà méjì. Lórí eré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń rin mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni pé táyà ń yí tó ìgbà mọ́kànlá. Tí apá kan lára dísìkì bá nípọn ju ìyókù lọ, ìgbà mọ́kànlá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yẹn ni pádì á máa mú un le ju bó ṣe yẹ lọ. Mímú-tú, mímú-tú yẹn ló ń fa táyà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, táì-rọ́ọ̀dù tó ń darí táyà á gbé e dé ráàkì sìtíárìn, ráàkì á gbé e dé ọwọ́ yín. Ó ní eré kan tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fẹ́ràn láti jó sí, ó sì sábà máa ń bọ́ sáàárín 80 sí 110. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dákẹ́ tí eré bá wálẹ̀. Dísìkì ò tíì sàn o. Eré ló bọ́ kúrò níbi tí ijó ti ń dùn.

Nípọn wo là ń sọ? Ìyàtọ̀ bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, 0.02, ti tó kí ọwọ́ gbọ́ ọ. Irun orí kan ṣoṣo nípọn ju ìyẹn lọ bíi ìlọ́po mẹ́ta. Ojú ò lè rí i, ọ̀pá ìdíwọ̀n ò sì lè wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá kan wo dísìkì tó ní "dísìkì yín ti ká", ó lè jàre, àmọ́ àfọ̀ṣẹ ló ṣe.

Ọ̀rọ̀ "ká" yẹn náà ni wàhálà. Dísìkì irin ò sábà ká bí páànù tí oòrùn pa. Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé wọn ò gbé e jókòó dáadáa lórí họ́ọ̀bù, irin tó ń yí tí wọ́n ń gbé dísìkì àti táyà lé: ìpata wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí wọ́n fún nọ́ọ̀tì táyà ní aláìdọ́gba. Dísìkì náà á máa fì sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń yí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí i, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, torí kálípà tó di pádì mú máa ń rìn lórí píìnì rẹ̀, á kàn tẹ̀ lé e lọ tẹ̀ lé e bọ̀. Àmọ́ nígbà tẹ́ ò bá tẹ bíréèkì, tẹ́ ẹ kàn ń rìn lọ ní tiyín, ibi tó yọ gọngọ yẹn á máa fara ra pádì nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí kọjá. Díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ á jẹ, tàbí kí nǹkan pádì lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dísìkì tó dọ́gba tẹ́lẹ̀ á di èyí tó nípọn níhìn-ín tó tín-ín-rín lọ́hùn-ún. Ìgbà náà ni gbígbọ̀n á dé.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè ìbéèrè kan kí n tó fọwọ́ kan ọkọ̀: nígbà tẹ́ ẹ pààrọ̀ dísìkì, ṣé ó dákẹ́? Fún ìgbà wo? Ìyá yìí ní: "Ó dákẹ́ dáadáa. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó tún dé." Ẹ̀ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ti mọ̀ pé ọjà tí wọ́n rà kọ́ ló burú. Ibi tí wọ́n gbé e lé ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wà á, kẹ́ ẹ sì fetí sí i

Ẹ wá ọ̀nà tó tọ́, tó gbẹ, tí kò sí èrò. Èmi máa ń jí lọ sórí bíríìjì láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, kí agogo méje tó lù. Ẹ wo ẹ̀yìn dáadáa nínú díńgí kẹ́ ẹ tó tẹ bíréèkì kankan, torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ò mọ̀ pé ìdánwò lẹ̀ ń ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ fi 80 rìn láìtẹ bíréèkì rárá. Tí sìtíárìn bá ń gbọ̀n níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀: ẹ lọ ṣe bàláńsì táyà, kẹ́ ẹ sì yẹ rímù wò bóyá kòtò ti tẹ̀ ẹ́. Ìtọ́sọ́nà yìí kì í ṣe tiyín.

Tó bá ń lọ jẹ́jẹ́, ẹ tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó rí kámẹ́rà, kẹ́ ẹ mú un bẹ́ẹ̀ títí eré fi máa wálẹ̀ sí 40. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin kí dísìkì lè gbóná. Ẹ máa wo nǹkan mẹ́ta.

Èkíní ni ẹsẹ̀ yín. Tí pẹ́dàlì náà bá ń ti ẹsẹ̀ yín padà tó bá ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ mu, dísìkì wà nínú ẹjọ́ yìí láìsí àní-àní. Bọ́ọ̀ṣì ò lè ti pẹ́dàlì.

Èkejì ni bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀. Gbígbọ̀n dísìkì máa ń falẹ̀ bí eré ṣe ń falẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ ń dúró. Ó sì máa ń le sí i tó bá gbóná. Ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹ kì í létò bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ lè kọ́kọ́ yà sápá kan bẹ́ ẹ ṣe tẹ bíréèkì, kó dún "gbà" lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, kí sìtíárìn wá máa fì lọ́wọ́ yín dípò kó máa gbọ̀n.

Ẹ̀kẹta ni ibi tó ti ń wá. Tó bá jẹ́ àga àti ìdí yín ló ń gbọ̀n tí ọwọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ lọ wò. Àwọn kan máa ń rọra fa hándì-bíréèkì láti mọ̀. Ó wúlò fún ọkọ̀ tó ní dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní dísìkì lẹ́yìn, dúrọ́ọ̀mù kékeré inú rẹ̀ ni hándì-bíréèkì ń mú, kì í ṣe dísìkì fúnra rẹ̀, nítorí náà kò ní sọ òótọ́ fún yín.

Pẹ́dàlì Kòròlà ìyá yìí ń ti ẹsẹ̀ mi padà, ó sì tún ń yà sósì díẹ̀ tí mo bá tẹ bíréèkì. Ẹlẹ́rìí méjì, ẹ̀rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti mọ̀ níbẹ̀ pé kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣáájú dísìkì

Mo máa ń yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò ṣáájú, torí bẹ́árìn tó bá ń mì á ba gbogbo ìwọ̀n dísìkì jẹ́.

Kí jáàkì tó wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sídìí sìtíárìn, kó tan ẹ́ńjìnnì, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kó máa gbé jíà láti D sí R, R sí D. Ẹ̀yin ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ má dúró níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀ láéláé, kẹ́ ẹ máa wo táyà iwájú nínú ihò rẹ̀. Táyà tí bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dára á kàn mì tíntín. Èyí tí bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ya á rìn síwájú, á rìn sẹ́yìn, ẹ ó rí i pẹ̀lú ojú yín, ẹ sì lè gbọ́ "kọ̀" rẹ̀. Táyà òsì Kòròlà yìí rìn tó ìbú ìka kan. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ó ń rìn bí dúrọ́ọ̀". Bẹ́ẹ̀ náà ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá jáàkì gbé iwájú. Ẹ gbé ọkọ̀ lé orí sítáńdì. Kẹ́ ẹ tún ti táyà sípéà sábẹ́ ọkọ̀, torí jáàkì ò ní ẹ̀rí ọkàn. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ mì í: tó bá mì, bẹ́árìn ni tàbí bọ́ọ̀lù jọ́íńtì. Kẹ́ ẹ mọ èyí tó jẹ́, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tún mì í. Tó bá dúró, bẹ́árìn ni. Tó bá ṣì ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́íńtì ni. Ẹ wá di í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì: ìyẹn fún táì-rọ́ọ̀dù àti orí ráàkì. Ẹ fi ọwọ́ kan jọ́íńtì fúnra rẹ̀ bí ẹnì kejì ṣe ń mì í. Ìka máa ń gbọ́ ohun tí ojú ò rí.

Bọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn kọntíróòlù áàmù, èyí tó tóbi, ló ń gba ìyà bíréèkì jù. Ẹ ki irin gbọọrọ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ rọra gbé e. Rọ́bà tó ti sán wẹ́wẹ́ lójú nìkan ò tíì jẹ́ ẹjọ́ ikú. Gbogbo rọ́bà tó ti pé ọdún mẹ́wàá ní Èkó ló rí bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni ibi tó ti ya wọ inú, tí irin àárín rẹ̀ ń rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ti apá òsì ìyá yìí, mo rí iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kejì láàárín rọ́bà. Bẹ́árìn méjèèjì, bọ́ọ̀lù jọ́íńtì àti táì-rọ́ọ̀dù ò ṣe nǹkan kan, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí ẹnikẹ́ni má baà tún tà á fún wọn lọ́la.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á dúró níbí. Wọ́n ti rí bọ́ọ̀ṣì tó ya, kí ló kù? Pẹ́dàlì tó ń ti ẹsẹ̀ ló kù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn dísìkì, ẹ má méfò

Nígbà tí mo ń tú nọ́ọ̀tì táyà ọ̀tún, mo rí nǹkan kan kí n tó gbé ohun ìwọ̀n kankan jáde. Nọ́ọ̀tì méjì bọ́ pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ẹ̀kẹta, ọmọ iṣẹ́ mi gun sípánà lórí kó tó dún. Ẹni tó fún wọn gbẹ̀yìn fi páìpù gígùn sí sípánà, ó fi gbogbo ara fún àwọn kan, ó sì gbàgbé àwọn yòókù. Irú fífún bẹ́ẹ̀ nìkan tó láti mú dísìkì fì.

Ẹ yọ táyà, kẹ́ ẹ dá nọ́ọ̀tì padà sórí dísìkì pẹ̀lú wáṣà tó nípọn lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè fi dísìkì mọ́ họ́ọ̀bù bí ìgbà tí táyà wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọn dísìkì tó jókòó lásán, irọ́ lẹ ó kọ sílẹ̀.

Ohun ìwọ̀n méjì ni. Èkíní ni gééjì aláago, tó ní ẹsẹ̀ mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ara ṣọ́ọ̀kì tàbí irin tó dúró ṣinṣin, kẹ́ ẹ fi imú rẹ̀ sójú dísìkì, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí etí. Ẹ fi ọwọ́ yí dísìkì lẹ́ẹ̀kan pérépéré, kẹ́ ẹ máa wo ọwọ́ aago: láti ibi tó kéré jù sí ibi tó pọ̀ jù, ìyẹn ni fífì rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, 0.05 mìlímítà ni mo máa ń kà sí ààlà. Ti òsì Kòròlà yìí jẹ́ 0.04. Ti ọ̀tún jẹ́ 0.14.

Níbí ni ẹni tí kò mọ̀ ti máa ń sáré lọ ra dísìkì tuntun ní Ládipọ̀. Ẹ dúró ná. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tó yọ jù lára dísìkì, kẹ́ ẹ sì sàmì sí sítọ́ọ̀dù họ́ọ̀bù, irin tí nọ́ọ̀tì táyà ń wọ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ dísìkì, ẹ yí i lọ síwájú ihò kan, ẹ dá a padà, ẹ fún nọ́ọ̀tì, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tí ibi tó yọ bá bá dísìkì lọ, dísìkì ló lẹ̀bi. Tó bá dúró sídìí sítọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ sàmì sí, họ́ọ̀bù ló lẹ̀bi, dísìkì mẹ́wàá ò sì lè tún un ṣe. Ìdánwò yìí ò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, mi ò tíì rí i kó purọ́ fún mi.

Ti ìyá yìí dúró sídìí sítọ́ọ̀dù kan náà: 0.13. Nígbà tí mo tan iná sí ojú họ́ọ̀bù, ìpata ti wú bí èépá egbò láàárín sítọ́ọ̀dù méjì. Àwọn tó pààrọ̀ dísìkì lẹ́ẹ̀mejì, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé dísìkì tuntun lé. Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń gbé. Ilàjẹ ní Bàrígà, etí ọ̀sà, níbi tómi máa ń kún òpópónà tí òjò bá rọ̀ dáadáa, apá ọ̀tún ọkọ̀ ló sì máa ń kọjú sí gọ́tà. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ní omi gọ́tà ló ń gbọn sìtíárìn wọn.

Ohun ìwọ̀n kejì ni maikirómítà, fún nínípọn. Ẹ wọn dísìkì ní ojú mẹ́jọ yíká, gbogbo rẹ̀ lọ́nà jíjìn kan náà sí etí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó nípọn jù àti èyí tó tín-ín-rín jù ni ẹsẹ̀ yín ń gbọ́. Ti ọ̀tún: 24.71 níbi tó nípọn jù, 24.68 níbi tó tín-ín-rín jù. Ìyàtọ̀ 0.03. Ti òsì kò ju 0.01 lọ. Ẹ̀rí ti pé: họ́ọ̀bù mú dísìkì fì, fífì mú kó jẹ ní aláìdọ́gba, àìdọ́gba ń ti pẹ́dàlì, bọ́ọ̀ṣì tó ya ní apá kejì sì ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ rí ààyè jó.

Tẹ́ ò bá ní gééjì, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀. Àwọ̀ búlúù tàbí dúdú tótòòtó lójú dísìkì máa ń fi hàn pé ó ti gbóná kọjá ààlà, píìnì kálípà tó ti gan náà á sì jẹ́ kí pádì inú jẹ ju tòde lọ. Ẹ wo méjèèjì. Àmọ́ dísìkì tó mọ́ tónítóní náà lè ní 0.03 lára.

Àtúnṣe, ní títẹ̀léra

Họ́ọ̀bù ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà àti yanrìn-bébà fọ ojú rẹ̀ títí irin fi hàn, àti ẹ̀yìn dísìkì pẹ̀lú. Ẹ má fi gíráìńdà ṣe é. Tó bá jẹ irin họ́ọ̀bù, ẹ ti dá àìsàn mìíràn sílẹ̀. Mo dá dísìkì padà, mo tún wọ̀n ọ́n: 0.03. Látorí 0.14, láìra nǹkan kan.

Àmọ́ nínípọn rẹ̀ ò tíì dọ́gba, fífọ họ́ọ̀bù ò sì lè dá irin tó ti jẹ padà. Ẹ wo etí dísìkì tàbí inú fìlà rẹ̀, ẹ ó rí MIN TH àti iye kan níwájú rẹ̀: ìyẹn ni ibi tí dísìkì ò gbọdọ̀ tín-ín-rín kọjá. Ti èyí jẹ́ 23. Ààyè wà. Mo gbé méjèèjì lọ fún tọ́ọ̀nà tó máa ń fá dísìkì fún mi, ó sì fá 0.15 kúrò lójú kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tín-ín-rín jù di 24.38. Méjèèjì la máa ń fá, tàbí pààrọ̀, papọ̀. Tí apá kan bá fá tí ìkejì ò fá, ọkọ̀ lè máa yà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Tó bá jẹ́ pé fífá á mú un dé ìtòsí iye tó wà lára rẹ̀, ẹ ra tuntun. Dísìkì tó tín-ín-rín kì í gba ooru tó, á tún padà gbọ̀n kíá. Pádì tuntun ni mo fi sí i, torí ti tẹ́lẹ̀ ti jẹ wíwọ́ dísìkì àná sára, mo sì fi gíríìsì bíréèkì sí píìnì kálípà.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi bọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ná, kí n lè fi hàn wọ́n. A jọ gun bíríìjì. Pẹ́dàlì dúró ṣinṣin. Sìtíárìn dákẹ́ bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, àmọ́ tí mo bá tẹ bíréèkì le ní 80, ó ṣì ń yà sósì, ó sì ń fì díẹ̀. Ìyá ní: "Ó ti tán, àbí?" Mo ní: "Màmá, ó kù díẹ̀." Tí mo bá dá wọn padà bẹ́ẹ̀, wọ́n á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àìdọ́gba kékeré èyíkéyìí lára dísìkì ọ̀tún, lọ́jọ́ iwájú, á tún rí bọ́ọ̀ṣì òsì tó ń jó dè é.

Bọ́ọ̀ṣì apá méjèèjì la pààrọ̀. Ibí ni iṣẹ́ tó dára máa ń bàjẹ́ jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì mẹkáníìkì yín. Tí wọ́n bá fún nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀ṣì pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè jáàkì, tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, rọ́bà á gbà pé ipò yẹn ni ilé òun. Ọkọ̀ á wá sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà á wà ní lílọ́ lójoojúmọ́, kó tó pẹ́ á ya. Kí wọ́n kàn fún un díẹ̀ lókè, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kó gbé ìwúwo rẹ̀, kí wọ́n mì í lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, kí wọ́n wá fún un pa. Lẹ́yìn rẹ̀, aláínmẹ́ńtì. Ẹ má sì gba bọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi òòlù lù wọlé. Ilé ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ kún àgbègbè Ládipọ̀ àti Mushin. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra áàmù tòkunbọ̀ lódindi, ẹ tẹ bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pẹ̀lú irin níwájú ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó. Òmíràn ti ya ju tiyín lọ.

Nọ́ọ̀tì táyà gbẹ̀yìn. 103 níútìn-mítà ni ti Kòròlà, mo sì máa ń fi tọ́ọ̀kì sípánà fún un ní ìgbà méjì, ìdajì lákọ̀ọ́kọ́, ní ìkọjá ara wọn bí ẹni tó ń ya ìràwọ̀, kì í ṣe ní yíyí ká. Mo bẹ ìyá yìí pé nígbàkigbà tí fọ́kánáísà bá lẹ táyà wọn, kí wọ́n yà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kejì kí n tún nọ́ọ̀tì fún. Fọ́kánáísà ò ṣe búburú. Ó kàn ń bẹ̀rù pé táyà á yọ ni, ó sì ń fún un bí ẹni tó ń de màlúù.

Pádì tuntun lórí ojú dísìkì tuntun: ọjọ́ kìíní

A ò tíì tán. Pádì tuntun gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ kun ojú dísìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lọ́gbọọgba. Ní ọ̀nà tó dá, ẹ sá dé 60, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì níwọ̀ntúnwọ̀nsì títí dé bíi 15, ẹ má dúró pátápátá, kẹ́ ẹ tún sáré. Bíi ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn lọ láìtẹ bíréèkì fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tutù.

Ohun tẹ́ ò gbọdọ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ dúró gbagidi kẹ́ ẹ tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Ibi tí pádì bá jókòó sí á lẹ̀ mọ́ dísìkì bí ìrísí èdìdì, ẹ ó sì tún padà gbọ́ gbígbọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nínú góósílóò Èkó, ìyẹn ò rọrùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe é láàárọ̀ Sọ́ńdè. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí eré sínú ìdúró, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fà síwájú díẹ̀díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé jíà sí N kẹ́ ẹ fa hándì-bíréèkì tó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn. Ẹ má sì gbé ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí bíríìjì tààrà lọ sábẹ́ omi ká-wọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kó sinmi ìdajì wákàtí ná.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìyá padà wá fún ọ́ìlì. Mo yọ táyà ọ̀tún láìgba owó, torí ó ń jẹ mí lọ́kàn. Fífì, 0.03. Ìyàtọ̀ nínípọn, 0.01. Ìpata tín-ín-rín ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní etí họ́ọ̀bù, apá gọ́tà náà ni. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò, mo fún nọ́ọ̀tì padà, mo sì ní kí wọ́n máa kọ imú ọkọ̀ síbòmíràn tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sílé.